Orúkọ Tí A Fi Ìràwọ̀ Bò

Ọ́fíìsì wa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tó lọ sí ìntàséènjì Ṣàgámù, níbi tí ariwo ọkọ̀ àjàgbé kì í jẹ́ kéèyàn gbọ́ ara rẹ̀ lórí fóònù. Nǹkan ìtọ́jú aláìsàn la ń tà: kẹ̀kẹ́ arọ, ọ̀pá ìtilẹ̀, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò, àti pampas àwọn àgbà. Pampas yìí ló ń bọ́ wa jù. Kò sẹ́ni tó máa ń wọlé wá rà á lójú ayé. Wọ́n á pè wá, wọ́n á rẹ ohùn sílẹ̀, wọ́n á ní àwọn fẹ́ "nǹkan àgbà yẹn," àwa náà á dáhùn bíi pé a ò gbọ́ nǹkan kan tó yàtọ̀. Ọlọ́kadà wa á gbé e lọ sílé wọn nínú páálí tí a ò kọ nǹkan kan sí lára. Èmi ni mo máa ń gbé fóònù, èmi ni mo sì máa ń tẹ ohun tí wọ́n bá sọ sínú kọ̀ǹpútà.

Ní àràárọ̀, kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì àgbà wa ní Èkó máa ń ṣa gbogbo ohun tí àwọn oníbàárà béèrè lánàá jọ fúnra rẹ̀, á tò wọ́n sínú tábìlì kan lójú kọ̀ǹpútà, á sì fi í-meèlì ránṣẹ́ sí gbogbo wa; ìròyìn òwúrọ̀ la máa ń pè é. Gbogbo wa ni mo wí o. Olùṣírò owó ń gbà á, olórí àwọn ọlọ́kadà ń gbà á, obìnrin tó ń tọ́jú sítọ́ọ̀ ń gbà á. Mégáàdì ẹnu ọ̀nà náà ń gbà á, torí ẹnì kan ní Èkó ti pinnu pé kò gbọdọ̀ sí òṣìṣẹ́ kan tí kò ní í-meèlì. Orúkọ oníbàárà wà níbẹ̀, nọ́ńbà fóònù rẹ̀ wà níbẹ̀, ọjà tó rà, àdúgbò rẹ̀, àti àpèjúwe ilé rẹ̀. Mo lè búra pé ẹnì kankan ò kà á rí. Mégáàdì sọ fún mi nígbà kan pé òun rò pé ìpolówó ni.

Àfi ìgbà tí ẹnì kan ní ẹ̀ka wa mìíràn fi tábìlì náà ṣọwọ́ sí àbúrò rẹ̀ tó ń ta àgbo inú ike. Àbúrò yìí bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn oníbàárà wa ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Á kí wọn pẹ̀lú orúkọ, á bi wọ́n pé ìtọ̀ tí kò ṣeé mú dúró yẹn ńkọ́, á ní òun ní oògùn rẹ̀. Ẹ lè ro bí fóònù mi ṣe dún lọ́jọ́ náà. Wọ́n bú mi ní Yorùbá, wọ́n bú mi ní Gẹ̀ẹ́sì, bàbá kan láti Ìkẹ́nnẹ́ sì gbàdúrà fún mi lọ́nà tó burú ju èébú lọ. Ẹ̀rù ba ọ́fíìsì àgbà, nítorí òfin ti wà báyìí lórí ọ̀rọ̀ àṣírí oníbàárà. Wọ́n lé ẹni tó fi tábìlì ránṣẹ́ lọ, wọ́n sì ní kí ọkùnrin kan tó mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà wá bo orúkọ àti nọ́ńbà nínú ìròyìn òwúrọ̀.

Ọkùnrin náà ò wá sí Ṣàgámù. Ojú kọ̀ǹpútà ló ti bá wa sọ̀rọ̀, gbogbo wa kóra jọ síwájú tábìlì mi bí ẹni tó ń wo bọ́ọ̀lù. Ó ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó ní òun ò fọwọ́ kan ibi tí a tọ́jú orúkọ sí gangan, gbogbo rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ ní pípé. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá gba pé kó pe oníbàárà, bí èmi, á fi páásíwọọ̀dù tirẹ̀ wọ inú rẹ̀, ọlọ́kadà náà á sì rí ti ẹni tó ń gbé ọjà lọ fún nìkan. Ìròyìn tó ń lọ káàkiri ló máa yí padà. Kó tó kúrò ní Èkó ni kọ̀ǹpútà á ti bò ó: lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú orúkọ nìkan ló máa hàn, ìràwọ̀ kéékèèké á tẹ̀ lé e, nínú nọ́ńbà fóònù, díẹ̀ ló máa kù ní ìparí, ìràwọ̀ ni gbogbo ìyókù. Ó fi àpẹẹrẹ hàn wá. Ó rẹwà. A pàtẹ́wọ́.

Kí ó tó parí, ó bi wá pé kí ni òun máa ṣe sí òpó, ìyẹn ìlà tó lọ láti òkè délẹ̀ nínú tábìlì náà, tí wọ́n kọ àpèjúwe sí. Olórí àwọn ọlọ́kadà sáré dáhùn pé kó má fọwọ́ kàn án, òun ló fi ń pín iṣẹ́ fún àwọn èèyàn òun láàárọ̀. Ọkùnrin náà ní ṣé orúkọ wà nínú rẹ̀. Gbogbo wa pa ẹnu pọ̀: rárá o, àpèjúwe ilé lásán ni. Ó ní ó dáa, àdírẹ́sì nìyẹn. Níbi tí ó ń gbé ní Èkó, nọ́ńbà ilé ni àdírẹ́sì, orúkọ òpópónà á sì tẹ̀ lé e. Kò mọ̀ pé tiwa yàtọ̀. Ta ló mọ nọ́ńbà ilé níbí? Bí o bá bi ọmọ Rẹ́mọ níbi tó ń gbé, ẹni tó kọ́ ilé ni yóò kọ́kọ́ sọ fún ọ, iṣẹ́ tí ẹni náà ń ṣe, ẹni tó fẹ́, àti ohun tó ṣẹlẹ̀ níwájú ilé náà kí a tó bí ọ. Àwa pẹ̀lú ò rántí sọ fún un. Nǹkan téèyàn ń ṣe lójoojúmọ́, kì í rí i mọ́.

Nígbà tí mo wí pé fóònù mi dún, Alhaja kan láti Ijoku wà lára àwọn tó pè. Mi ò tíì rí i sójú nígbà náà, ohùn rẹ̀ nìkan ni mo mọ̀. Ohùn ìyá tó ti tajà pẹ́ ni, kì í sọ ohun tí kò ní lò. Ọkọ rẹ̀ jẹ́ àgbà nínú àwọn olóbì Ṣàgámù, ẹni tí àwọn olóbì ń gbé ẹjọ́ wọn wá bá. Àrùn rọpárọsẹ̀ mú un, apá kan ara rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́, kò sì lè dá ara rẹ̀ gbé dé ilé ìtọ̀. Nígbà tó kọ́kọ́ tún lè sọ̀rọ̀ díẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tó bẹ ìyàwó rẹ̀ ni pé kó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí òun báyìí. Alhaja gbà. Ó sọ fún ọjà pé Alhaji ti lọ kí ọmọ wọn nílùú òyìnbó. Ó ti yàrá iwájú pa, ó gbé bẹ́ẹ̀dì lọ sí yàrá ẹ̀yìn, ó sì ń pè wá.

Ó ní bí irú ẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀, òun ò ní rà lọ́wọ́ wa mọ́. Torí náà, nígbà tí ìràwọ̀ dé, òun ni mo kọ́kọ́ pè.

"Alhaja, ẹ fọkàn balẹ̀, a ti bo orúkọ yín."

"Ẹ fi kí ni bò ó?"

"Ìràwọ̀ ni, mà. Ẹni tó bá wò ó, ìràwọ̀ ló máa rí."

Ó rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ nìyẹn. "Ìràwọ̀! Alhaji mi ti wá di ará ọ̀run láàyè nìyẹn. Ó dáa, ọmọ mi. Kí Ọlọ́run bo tiyín náà."

Mo ṣe àmín. Inú mi dùn púpọ̀ lọ́jọ́ náà, mo ra gúgúrú fún gbogbo ọ́fíìsì.

Ohun tí mi ò retí ni pé àwọn èèyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìròyìn náà. Nígbà tí orúkọ wà níbẹ̀ gbangba, kò sẹ́ni tó bìkítà. A fi ìràwọ̀ bò ó tán, gbogbo èèyàn fẹ́ mọ ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀. Mégáàdì tó rò pé ìpolówó ni, òun ló ń kọ́kọ́ ṣí i láàárọ̀. Ọmọ Likosi ni, kò sì sí ilé kan ní Likosi tí kò mọ̀. Á jókòó sórí bẹ́ńṣì rẹ̀, á máa ka àpèjúwe jáde: "Ilé tó kọjú sí ìdí máńgòrò, níbi tí ìyá onímọ́ínmọ́ín máa ń pàtẹ." Á wo òkè díẹ̀. "Áà! Ọ̀gá tíṣà wa àtijọ́ mà nìyẹn! Kí ló fẹ́ fi kẹ̀kẹ́ arọ ṣe?" Obìnrin sítọ́ọ̀ gba ti Ìperu. Olórí àwọn ọlọ́kadà ní tòun ò sí nínú eré, torí òun mọ gbogbo wọn tẹ́lẹ̀, ó kàn ń dúró bí rẹfirí tó ń sọ ẹni tó gbà á. Wọ́n ní kò sí aburú kankan nínú eré yìí, ṣebí a ti bo orúkọ.

Mo bínú sí wọn. Mo pariwo pé ṣé iṣẹ́ tí wọ́n gbà wá síbí fún nìyí, wọ́n ní kí Anti má bínú, wọ́n sì rẹ ohùn sílẹ̀, ìyẹn ni pé wọ́n ń ṣe é lọ. Mo kọ̀wé sí Èkó pé kí wọ́n tètè bo òpó àpèjúwe náà tàbí kí wọ́n yọ ọ́ kúrò, kí olórí àwọn ọlọ́kadà máa fi páásíwọọ̀dù tirẹ̀ wò ó níbi tí èmi ń wò ó. Kí n tó gbé ọwọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà, èsì ti dé. Kọ̀ǹpútà ló dáhùn fúnra rẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó ní ọ̀rọ̀ mi ṣe pàtàkì sí wọn, ó ti wà lórí ìlà àwọn ẹ̀sùn tí wọ́n máa yẹ̀ wò. Mo tún kọ ọ́. Ó tún dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ó yẹ kí n sọ ohun tó wà nínú àpèjúwe ilé Alhaja. Nígbà tó kọ́kọ́ rajà lọ́wọ́ wa, mo bi í pé báwo ni ọlọ́kadà ṣe máa mọlé. Ó ní kí n dákun má kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sí i, kò fẹ́ kí orúkọ ọkọ òun wà nínú ìwé kankan. Mo ní kò burú, kó ṣáà júwe ilé. Ó wá júwe rẹ̀. Ó ní kí n kọ pé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí bàbá àwọn olóbì kọ́ ní Ijoku, níwájú ibi tí àwọn ọkọ̀ Hausa ti máa ń dúró kó obì, ilé tí wọ́n ti máa ń parí ìjà ọlọ́jà. Ó ní bí ọlọ́kadà bá dé Ijoku, kó bi ọmọdé èyíkéyìí. Mo tẹ̀ ẹ́ bó ṣe sọ ọ́. Kò dárúkọ ẹnì kankan lóòótọ́. Obìnrin tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ yin ọkọ rẹ̀, mi ò mọ bí ó ṣe lè júwe ilé ọkùnrin náà kó má yìn ín.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, olùṣírò owó wa ń mu tíì, ó ń wo ìròyìn náà lórí fóònù rẹ̀. Ilé olóbì ni wọ́n ti bí i, inú obì ló dàgbà sí, kì í sì í bá wọn ṣe eré yẹn púpọ̀. Mo rí i tó gbé ife sílẹ̀.

"Ijoku," ó ní. "Pampas àgbà. Anti, ẹ wá wò ó. Bàbá wa rèé!"

"Bàbá wo?"

"Bàbá tó parí ìjà ìyá mi àti àwọn àbúrò bàbá mi! Wọ́n ní wọ́n wà nílùú òyìnbó!" Omi ti dé ojú rẹ̀. "Wọ́n ń ṣàìsàn nínú ilé, a ò sì mọ̀. A ò tilẹ̀ lọ kí wọn."

Mo fà á wọ yàrá ẹ̀yìn. Mo sọ fún un pé bàbá náà fúnra rẹ̀ ni kò fẹ́ kí wọ́n mọ̀, mo bẹ̀ ẹ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́, kó má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó wò mí bíi pé mo bú u.

"Ta ni mo fẹ́ sọ fún, Anti? Ṣé mo máa ń sọ̀rọ̀ kiri ni? Màmá mi nìkan ni."

Ó sọ fún màmá rẹ̀ nìkan. Màmá rẹ̀ náà sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ nìkan. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ṣe òfófó, mo fẹ́ kí ẹ gbà mí gbọ́. Bí ará ilẹ̀ wa bá gbọ́ pé ara èèyàn rẹ̀ kò yá, tó wá jókòó sílé, ìkà ni wọ́n máa pè é. Ìfẹ́ ló gbé wọn dìde. Lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, àwọn olóbì kóra wọn jọ, ọkùnrin àti obìnrin, àwọn tí bàbá ti parí ìjà fún àti àwọn tó dá lẹ́bi, wọ́n ra ọsàn, wọ́n ra búrẹ́dì àti mílíìkì, wọ́n sì gba Ijoku lọ. Wọn ò béèrè ọ̀nà.

Lọ́jọ́ kejì ni Alhaja pè. Kò kí mi.

"Yèsí sọ fún wọn?" Èdè ilé ló fi bi mí, kò ráyè èdè àjùmọ̀sọ. Ta ló sọ fún wọn.

Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé. Mo ń sọ òpó, mo ń sọ àpèjúwe, ohùn tèmi gan-an ò yé mi mọ́. Mo ní òun fúnra rẹ̀ ló sọ pé kí n kọ bàbá àwọn olóbì. Ojú tì mí bí mo ṣe sọ ọ́ tán. Alhaja ní kí n máa bọ̀.

Mo gbé páálí kan dání, mo wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sí Ijoku. Mo rí ilé náà láti ọ̀ọ́kán. Alhaja fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn, obìnrin kúkurú, ó wé gèlè dúdú, àárẹ̀ hàn lójú rẹ̀. Mo kúnlẹ̀. Ó ní kí n dìde. Kò mú mi kọjá ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọsàn kún inú agbọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, búrẹ́dì wà lórí àga, wọn ò tíì tú u.

"Wọ́n ṣe dáadáa," ó ní. "Mi ò lè sọ pé wọn ò ṣe dáadáa. Mo ní kí wọ́n dúró síta, wọ́n ní àwọn máa dúró títí dìgbà tí mo bá ṣílẹ̀kùn. Mo wá ṣí i. Wọ́n kún inú yàrá. Wọ́n gbàdúrà fún un. Ẹnì kan tí Alhaji dá lẹ́bi nígbà kan di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, ó ń sunkún. Kò dá ẹnì kankan lóhùn."

Mo ní, "Alhaja, ẹ jọ̀ọ́."

"Ó ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ sára nígbà tí wọ́n wà níbẹ̀. Gbogbo wọn gbóòórùn rẹ̀. Wọ́n ṣe bíi pé wọn ò gbóòórùn. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó ní kí n bá òun yí bẹ́ẹ̀dì kọjú sí ògiri." Ó wo ìta. "Láti àná, ó ti kọjú sí ògiri. Kò sì bá èmi náà sọ̀rọ̀ mọ́, torí mo sọ fún un pé kò sẹ́ni tó mọ̀."

Mo sunkún. Kì í ṣe ẹkún tó ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Alhaja dúró kí n sun ún tán, bí ẹni tó ń dúró kí òjò dá kó tó kó aṣọ síta.

"Níbi iṣẹ́ yín, àwọn mélòó ló mọ̀?"

Mo fẹ́ purọ́. "Gbogbo wa, mà."

"Dede yín?"

"Gbogbo wa."

Ó mi orí. Ó ní kí n bá òun sọ fún wọn pé Alhaji ti padà sílùú òyìnbó. Mo wò ó bóyá ó ń ṣe yẹ̀yẹ́, kò ṣe é. Ó gba páálí lọ́wọ́ mi, ó sì ti ilẹ̀kùn jẹ́jẹ́, kí ariwo rẹ̀ má bàa dé yàrá ẹ̀yìn.

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ìròyìn òwúrọ̀ dé bíi ti tẹ́lẹ̀. Èkó ti ṣe é. Wọ́n ti fi ìràwọ̀ bo orúkọ, wọ́n ti fi bo nọ́ńbà, wọ́n sì ti fi bo àpèjúwe láti òkè délẹ̀, kò ku nǹkan kan tí èèyàn lè kà àfi àdúgbò àti ọjà. Í-meèlì mìíràn bá a wá, ó ní wọ́n ti parí iṣẹ́ lórí ẹ̀sùn mi, kí n dákun sọ bí inú mi ti dùn tó, kí n fi nọ́ńbà láti oókan dé aárùn-ún dá a lóhùn.

Mégáàdì ló kọ́kọ́ wọlé wá bá mi. Olùṣírò owó wà lẹ́yìn rẹ̀, olórí àwọn ọlọ́kadà náà fi iṣẹ́ sílẹ̀. Wọn ò ṣe eré lọ́jọ́ náà. Àníyàn wà lójú gbogbo wọn, wọ́n sì dúró níwájú tábìlì mi.

"Anti," mégáàdì ní, "ara bàbá ńkọ́?"

"Bàbá wo?"

"Bàbá wa ti Ijoku."

"Wọ́n ti lọ sílùú òyìnbó," mo ní. "Ọ̀dọ̀ ọmọ wọn ni wọ́n wà."

Olùṣírò owó bojú rẹ̀. Mégáàdì yí fìlà rẹ̀ ká lọ́wọ́. "Ọlọ́run á mú wọn bọ̀ láyọ̀," ó ní, ó sì padà sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tó tún dárúkọ bàbá ní ọ́fíìsì wa. Ó rọrùn fún wa. Ohun tí Alhaja ti ń bẹ̀ wá láti ọjọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn, kò sì gba kọ̀ǹpútà kankan.

Kò pè wá mọ́. Mo ti fi fóònù mi pè é lẹ́ẹ̀mejì, kò gbé e, mi ò sì pè é mọ́ kó má di pé mo ń yọ ọ́ lẹ́nu. Mo máa ń wo Ijoku nínú ìròyìn òwúrọ̀ bóyá màá rí páálí kan tó ń lọ síbẹ̀, kò sí. Ó lè jẹ́ pé Ìkòròdú ló ti ń rà á. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí yóò bá a jókòó ti ọkọ rẹ̀ bó bá lọ sí Ìkòròdú, torí ó ti lé gbogbo èèyàn. Mo rò pé àkísà ló ń lò, tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ fọ̀ ọ́, tó sì ń sá a sínú ilé kí ẹnikẹ́ni má bàa rí i.